Bí mo ṣe wá ibi tí "pápá oko tútù" wà nínú Bíbélì

Àbúrò mi obìnrin ló fẹ́ kọ ẹsẹ Bíbélì sínú káàdì fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tára ẹ̀ ò yá, ló bá pè mí lálẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo ló wà, èyí tó ní Èmi ni olùṣọ́-àgùntàn rere, mo ń mú àwọn àgùntàn mi lọ sí pápá oko tútù?" Mo ní ṣé ìyẹn náà ni wàhálà, màá fi ránṣẹ́ sí ẹ nísìnyí. Màmá wa tó wà nítòsí gbọ́, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, wọ́n ní "Jòhánù ni kẹ̀, Jésù ló sọ ọ́." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan kí n tó fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Mo ṣí Jòhánù orí 10. Lóòótọ́ Jésù ní òun ni olùṣọ́-àgùntàn rere, ó sọ ọ́ ní ẹsẹ 11, ó tún un sọ ní ẹsẹ 14. Ṣùgbọ́n mo ka orí yẹn látòkè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, mi ò rí pápá oko tútù kankan. Ibi tó sún mọ́ ọn jù ni ẹsẹ 9, níbi tó ti ní òun ni ilẹ̀kùn, pé ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ òun wọlé á máa wọlé á máa jáde, á sì rí jẹ. Oúnjẹ àgùntàn wà níbẹ̀ o, àmọ́ kò sí "tútù", kò sì sí ẹni tó ń mú ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Mo sọ fún màmá, wọ́n ní kí n tún un kà dáadáa.

Ní etí ìwé Bíbélì tèmi, wọ́n máa ń kọ àwọn ẹsẹ mìíràn tó jọ èyí téèyàn ń kà, lẹ́tà wọn kéré bí ìdí abẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Jòhánù 10 darí mi sí Ìsíkíẹ́lì 34. Mo débẹ̀, mo fẹ́ẹ̀ pariwo. Gbogbo orí yẹn, ọ̀rọ̀ olùṣọ́-àgùntàn ni. Ọlọ́run kọ́kọ́ bá àwọn olùṣọ́ Ísírẹ́lì wí pé ara wọn ni wọ́n ń bọ́, wọn ò bọ́ àgùntàn, ló wá ní òun fúnra òun máa kó wọn jọ, òun á bọ́ wọn ní pápá tó dáa, ẹsẹ 14 nìyẹn, ní ẹsẹ 15 ó tún ní òun á mú kí wọ́n dùbúlẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn wà, pápá wà, ìdùbúlẹ̀ wà. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ fún àbúrò mi pé Ìsíkíẹ́lì ni, kí n tó rántí pé pápá "tó dáa" ni mo rí, kì í ṣe pápá "tútù". Mo bá pa á rẹ́.

Ni mo bá lọ sórí áàpù Bíbélì Yorùbá tó wà lórí fóònù mi, mo tẹ "oluso agutan", òfo. Mo tẹ "olùṣọ́-àgùntàn" pẹ̀lú gbogbo àmì ẹ̀, òfo náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣe é rí á mọ bó ṣe máa ń ká èèyàn lára, nǹkan téèyàn mọ̀ dájú pé ó wà níbẹ̀. Ohun tó ń fà á ni pé Bíbélì ayé àtijọ́ ni wọ́n kó sínú áàpù náà, bí wọ́n ṣe kọ Yorùbá nínú ẹ̀ kọ́ la ṣe ń kọ ọ́ lónìí, "Oluṣọ-agutan" ló wà níbẹ̀, kò sí àmì ohùn lórí ẹ̀, ó sì ní àmì ìdè láàárín. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀nà méjì ni fóònù máa ń gbà tọ́jú ọ àti ṣ: ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní àmì nísàlẹ̀, ó sì lè jẹ́ o tàbí s lásán tí wọ́n wá fi àmì tì lẹ́yìn. Lójú èèyàn ọ̀kan náà ni, lójú áàpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ tẹ ọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá paarẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tó bá jẹ́ àmì nìkan ló lọ, tí o ṣẹ́kù, irú kejì ni kíbọ́ọ̀dù yín ń tẹ̀.

Mo wá pinnu pé ọ̀rọ̀ tí ò ní àmì kankan nínú ni màá máa wá. "agutan" ò ní, mo tẹ̀ ẹ́, àbí kí ni mò ń wá! Gbogbo àgùntàn tí wọ́n fi rúbọ nínú Léfítíkù àti Nọ́ńbà ló tú jáde. Ó pọ̀ ju ohun téèyàn lè kà lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ibẹ̀ ni mo ti fi fóònù sílẹ̀, mo pe àbúrò mi padà. Mo ní, "Gbàgbé olùṣọ́-àgùntàn ná. Nínú gbólóhùn yẹn, ta ló ń sọ̀rọ̀?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò jọ pé olùṣọ́ ló ń sọ̀rọ̀ o. Ó dà bíi pé 'ó mú mi' ni mo gbọ́." Ó tán! Nínú Jòhánù, olùṣọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nípa ara ẹ̀. Nínú Ìsíkíẹ́lì náà, Ọlọ́run tó jẹ́ olùṣọ́ ló ń sọ̀rọ̀, "wọn" ló sì ń pe àwọn àgùntàn. Tó bá jẹ́ "mi", àgùntàn fúnra ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ibi téèyàn ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tàbí tó ń sọ nípa ẹ̀ bẹ́ẹ̀, Sáàmù ni kéèyàn kọ́kọ́ lọ. Mo tẹ "papa-oko" pẹ̀lú àmì ìdè, mo ní kí áàpù wò ó nínú Orin Dáfídì nìkan, orí 23 sì yọjú, ẹsẹ kejì: "O mu mi dubulẹ ninu papa-oko tutù." Ẹsẹ tó ṣáájú ẹ̀ ni "OLUWA li oluṣọ-agutan mi." Ojú tì mí díẹ̀, torí èyí tí mo ti ń kà láti kékeré ni. "Èmi ni" àti "rere" tí àbúrò mi fi ṣíwájú ló gbé mi lọ sí Jòhánù, ó ti lẹ ẹsẹ méjì pọ̀ lórí ara ẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ tún kíyè sí nọ́ńbà o. Orí 22 ni sáàmù yìí nínú àwọn Bíbélì Kátólíìkì àtijọ́ tí wọ́n tú láti èdè Látìn, torí ibẹ̀ ti so orí 9 àti 10 pọ̀ mọ́ra, ọ̀pọ̀ jù lọ èyí tó tẹ̀ lé e wá fi oókan dín. Nínú ìtumọ̀ Látìn yẹn gan-an, "Olúwa ń ṣàkóso mi" ló wà níbẹ̀rẹ̀, kò sí olùṣọ́-àgùntàn, ibi ìjẹko lásán ló sì wà, kò sí tútù. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ méjèèjì wá a nínú irú Bíbélì bẹ́ẹ̀, kò ní rí i láéláé.

Mo fi Sáàmù 23:1-2 ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ka ẹsẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sókè, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i, láti ẹsẹ kẹrin ló ti yí 'ó' padà sí 'Ìwọ', tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú." Wọ́n dá fóònù padà. "Ṣùgbọ́n Jòhánù náà dáa nínú káàdì."