Bí mo ṣe tún fọ́tò àtijọ́ tó ya sí méjì ṣe lórí kọ̀ǹpútà

Fọ́tò dúdú-òun-funfun ni, íńṣì 3.5 ní ìbú, 5.5 ní gígùn. Ìyá àgbà kan ló jókòó nínú rẹ̀, ó wé gèlè aṣọ òkè, ó sì ní pélé mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ibi tó ti ya bẹ̀rẹ̀ láti etí fọ́tò lápá òsì, ó la ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, ó gba abẹ́ àgbọ̀n, ó sì já sí ìsàlẹ̀. Tíì ti dà sí igun òkè lápá ọ̀tún. Gbogbo rẹ̀ sì ti ṣá débi pé ohun tó yẹ kó dúdú ti di àwọ̀ eérú. GIMP 2.10 ni mo lò, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ tí mo bá kọ bó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà ni ẹ máa wá.

N kò fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí n tó gbé e lé sikánà. Sẹ́lótéèpù á máa dán nínú àwòrán, bí ẹ bá sì ní kí ẹ ṣí i, á bó ojú fọ́tò lọ. Mo tẹ́ èkìnní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, mo fi àyè ìka kan sáàárín wọn, mo sì fi bébà dúdú bò wọ́n lẹ́yìn. Mo gbé sikánà sí 600 dpi, ìyẹn píksẹ́lì 600 nínú íńṣì kọ̀ọ̀kan, èyí sì fún mi ní nǹkan bíi píksẹ́lì 2100 lọ́nà 3300. Mo pa gbogbo àtúnṣe tí sikánà máa ń dá ṣe fúnra rẹ̀, torí ó máa ń ka ìlà tóóró sí ìdọ̀tí. TIFF ni mo fi pa á mọ́, 48-bit. JPEG ń sọ nǹkan nù nígbàkígbà tí ẹ bá tún un pa mọ́.

Bó tilẹ̀ jẹ́ dúdú-òun-funfun, aláwọ̀ ni mo yà á. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìnà. Àbàwọ́n tíì pupa rẹ́súrẹ́sú, ìmọ́lẹ̀ búlúù ló sì ń gbé mì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kan pupa. Bí sikánà bá ti sọ ọ́ di eérú tán, àbàwọ́n àti àwòrán ti pò pọ̀, kò sí ẹni tó lè yà wọ́n mọ́.

Kí n tó dé ibẹ̀, mo kọ́kọ́ so méjèèjì pọ̀. Mo fi Free Select yí ègé kékeré ká, Ctrl+X, Ctrl+V, lẹ́yìn náà Layer > To New Layer. Ìyẹn gbé ègé náà sórí ìpele tirẹ̀. Mo dín Opacity rẹ̀ kù sí 50 kí n lè rí ti ìsàlẹ̀ gba inú rẹ̀, mo fi Move àti Rotate bá a wá ipò rẹ̀. Ohun tí mo tẹ̀ lé ni pélé àti ìlà aṣọ, wọ́n gbọ́dọ̀ bára wọn mu ní ìwò 200%. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa bébà fọ́tò. Kì í ya ní gbọọrọ, ó máa ń ya ní dàgẹ̀rẹ̀, nítorí náà apá kan á ní ètè funfun tí kò ní àwòrán lórí, apá kejì á sì ní àwòrán tó yọ sórí ibẹ̀. Apá tí àwòrán rẹ̀ yọ ni kó wà lókè. Ìyẹn nìkan bo ìdajì ìlà funfun náà kí n tó kùn ún rárá. Mo dá Opacity padà sí 100, mo tẹ Layer > New from Visible, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ lórí èyí tuntun. Àwọn ti ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́.

Nísinsìnyí ni mo lọ sí Colors > Components > Extract Component. Ẹ yan RGB Blue wò ná, tíì náà á dúdú bí èédú; ẹ wá yan RGB Red, á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Pupa ni mo mú. Tó bá jẹ́ pé yíǹkì búlúù ló dà sí tiyín, ìdàkejì ni, RGB Blue ni kí ẹ wò. Fọ́tò aláwọ̀ kò gba ọgbọ́n yìí, torí àwọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa bá a lọ. Èyí tó kù nínú tèmi ni ìlà etí ibi tí tíì gbẹ sí, tó nípọn ju àárín lọ. Mo fi iyẹn sílẹ̀ de Heal, irinṣẹ́ tí mo máa fi pa ìlà yíya rẹ́.

Fún ṣíṣá rẹ̀, mo ṣí Colors > Levels. Àwòrán kan tó dà bí òkè kékeré wà nínú rẹ̀, ó ń fi bí dúdú àti funfun ṣe pọ̀ tó hàn. Òkè náà kò kan etí àpótí rẹ̀ lápá kankan, ìyẹn ló fi hàn pé fọ́tò náà ti ṣá. Mo fa àmì dúdú wá síbi tí òkè náà ti bẹ̀rẹ̀, mo fa ti funfun wá sítòsí ibi tó parí sí, n kò wọ inú rẹ̀. Gèlè ni mo ń wò: bí òwú rẹ̀ bá di funfun gbalaja, mo ti fà jù. Bí ojú bá ṣókùnkùn lẹ́yìn èyí, àmì àárín ni ẹ ó fà sósì díẹ̀díẹ̀.

Ìlà yíya ló gba àsìkò jù. Ní ara ògiri ẹ̀yìn àti lára aṣọ tí kò ní iṣẹ́, Heal dára: búrọ́ọ̀ṣì tó fi díẹ̀ ju ìlà náà lọ, Ctrl+tẹ lé ibi tó dára nítòsí, kí ẹ wá máa kùn ún ní kéékèèké. Ẹ máa pààrọ̀ ibi tí ẹ ti ń mú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì kan náà á máa jáde léraléra bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí iyanrìn. Níbi tí ojú ti pàdé gèlè, ẹ má lo Heal. Ó ń fi àwọ̀ tó yí i ká pò ó, dúdú á sì ṣàn wọ inú ìmọ́lẹ̀ bíi yíǹkì tó yọ́. Clone ni kí ẹ lò níbẹ̀, ẹ̀dà lásán ló ń ṣe, kì í pò ó.

Pélé ńkọ́? Mo ti rí fọ́tò tí wọ́n ti fi Heal pa ilà ojú rẹ́ tán, wọ́n rò pé ó ha ni. Ohun tó ha máa ń funfun gbòò tàbí kó dúdú ganranran, kì í sì í dúró tó bá dé etí ojú, á kọjá lọ sára ògiri. Ilà ń tẹ̀ lé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe rí, etí rẹ̀ rọ̀, ó sì ní ojúgbà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Méjì nínú pélé yìí ni ìlà yíya náà gé. Kò rọrùn láti kàn yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún padà kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òsì, torí ọ̀tún ni iná ti wá: pélé kọ̀ọ̀kan ní òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí mo bá yí i, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú Clone ní píksẹ́lì 8, mo Ctrl+tẹ lé apá pélé náà gan-an tí kò tíì gé, mo sì fà á bọ̀ títí tó fi pàdé ara rẹ̀ nísàlẹ̀.

Bí mo ṣe sún mọ́ ọn tán, ibi tí mo tún ṣe ń dán ju ara yòókù lọ, torí kò ní hóró kéékèèké fọ́tò mọ́. Mo yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú Free Select, mo tẹ Feather edges, mo wá lọ sí Filters > Noise > RGB Noise. Mo yọ àmì kúrò ní Independent RGB kí hóró náà má baà di aláwọ̀, mo sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi bá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu ní ìwò 100%.

XCF, irú fáìlì GIMP fúnra rẹ̀, ni mo fi pa iṣẹ́ náà mọ́, mo tún yọ TIFF kan jáde fún títẹ̀. Píksẹ́lì 2100 lórí 300 dpi, íńṣì 7 ni ìbú rẹ̀. Tó bá kọjá ìyẹn, etí pélé á bẹ̀rẹ̀ sí í wó.