Ìfilọ̀ Àyípadà Ibùdó: Ìdí Tí Àwọn Àlejò Ṣe Ń Lọ Sí Ibi Àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, a fi ìfilọ̀ ránṣẹ́ sí nǹkan bí ọgọ́rin ènìyàn pé gbọ̀ngàn tí a ó ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ti yí padà. Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn bí ogún ṣì lọ sí gbọ̀ngàn àkọ́kọ́, àwọn mẹ́rin kò sì kúrò nílé rárá, nítorí wọ́n rò pé a ti fagi lé ètò náà. Ìfilọ̀ ọ̀hún nìyí. Níbo ni a ti ṣì í?

> Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹni iyì wa. A kí yín kú ìmúra, a sì dúpẹ́ fún ìfẹ́ tí ẹ ní sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ó dùn wá pé nítorí àwọn ohun tó kọjá agbára wa, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó wáyé ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, kò ní lè wáyé níbẹ̀ mọ́. A ti ṣètò gbọ̀ngàn ilé ìkàwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. A ń retí yín.

Ìdáhùn: Ìfilọ̀ yín ní ọ̀wọ̀, òótọ́ sì ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn ló fa wàhálà. Nígbà tí iṣẹ́ bá wọlé sórí fóònù, ìlà kan tàbí méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń hàn kí ẹni tó ni fóònù tó ṣí i. Ohun tí àwọn àlejò yín rí ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹni iyì wa. A kí yín kú ìmúra”. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí yóò gbà pé ìkíni lásán ni, yóò sì fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ìgbà náà sì lè má dé kí Sátidé tó mọ́.

Àwọn tó ṣí i pàápàá kò bọ́. Ẹ wo gbólóhùn kẹta yẹn dáadáa. Gbọ̀ngàn àtijọ́, ọjọ́ àti aago wà lójú kan náà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé ìpè gẹ́lẹ́, nígbà tí gbọ̀ngàn tuntun dá dúró lẹ́yìn wọn láìní ọjọ́, láìní aago, láìní àdírẹ́sì. Ẹni tó bá sáré kà á yóò rí nǹkan mẹ́ta tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò sì ní ọkàn òun pé ìránnilétí ni. Ní ti àwọn mẹ́rin tó jókòó sílé, ibi “kò ní lè wáyé” ni ojú wọn dé tí wọ́n fi pa fóònù dé. “Níbẹ̀ mọ́” ni ọ̀rọ̀ méjì tó gbé gbogbo ìtumọ̀ náà, ìparí gbólóhùn gígùn ni ẹ sì fi wọ́n sí. Nítorí náà, nínú ìfilọ̀ àyípadà, ẹ máa sọ ibi tí ètò yóò ti wáyé kí ẹ tó sọ ibi tí kò ti ní wáyé mọ́.

Bí èmi bá ni mo fẹ́ tún un kọ, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́:

> ÀYÍPADÀ IBÙDÓ: Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ni a ó ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Sátidé.
>
> Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ibùdó nìkan ló yí padà. Ọjọ́ àti aago dúró bí wọ́n ṣe wà.
>
> Ọjọ́: Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta
> Aago: 10 àárọ̀. Ilẹ̀kùn yóò ṣí ní aago 9:30.
> Ibi: Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, nọ́ńbà 18, Òpópónà Kejì. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi ìgbọ́kọ̀sí, ni kí ẹ gbà wọlé.
>
> Páìpù omi bẹ́ ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ lánàá, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ní parí kí Sátidé tó dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì wá fún wàhálà tí àyípadà òjijì yìí kó bá yín.
>
> Bí ẹ bá ti ka èyí, ẹ fi “Mo ti rí i” dá wa lóhùn. Bí ọ̀nà bá rú yín lójú, ẹ pe nọ́ńbà yìí: …

Ẹ ó rí i pé n kò yọ ìkíni kúrò, nítorí a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkí i. Ìlà kejì ni mo gbé e sí, mo sì gé e kúrú. “Ibùdó nìkan ló yí padà” ni gbólóhùn tí n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ kúrò láéláé. Bí ohun kan bá ti yẹ̀ nínú ètò, ọkàn àwọn àlejò kì í balẹ̀ lórí ìyókù mọ́. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ síbẹ̀ fún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò máa pè yín láti béèrè. Ẹnu ọ̀nà tí mo dárúkọ náà ní ìdí. Ẹni tí kò dé ilé kan rí lè rí ilé náà tán kó má rí ọ̀nà wọ̀ ọ́, kó sì máa yí i po títí ètò yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní kí a má sọ ti páìpù, pé “ohun tó kọjá agbára wa” tó. Àwọn mìíràn fẹ́ kí a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tó gùn. Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ sọ ti páìpù, ní gbólóhùn kan. “Ohun tó kọjá agbára wa” máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó ní ọkàn ara wọn bóyá owó ni kò pé tàbí ìjà ló ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi ìfilọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Bí alábòójútó gbọ̀ngàn bá jẹ̀bi, ẹ̀yin àti òun lẹ ni ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ti àwọn àlejò.

Ẹ̀bẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ, ìnira tí ó bá ẹni tí ẹ ń bẹ̀ ni kó sì dá lé. “Ẹ forí jì wá fún wàhálà tí èyí kó bá yín” wọni lára ju “a kábàámọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀” lọ. Ẹni tó ti san owó ọkọ̀ tàbí owó ibùsùn nítorí yín kò yẹ fún ẹ̀bẹ̀ gbogboogbò. Òun ni kí ẹ pè fúnra yín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ lè ṣe fún un àti èyí tí ẹ kò lè ṣe.

Ìbéèrè: Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ni a fẹ́ sún ńkọ́, tí a kò sì tíì mọ ọjọ́ tuntun?

Ìdáhùn: Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gan-an, kí ẹ sì fi ọjọ́ tí wọn yóò gbọ́ lẹ́nu yín kún un: “A kò ní ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹta mọ́. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, a ó kéde ọjọ́ tuntun.” Ẹ má mú ọjọ́ tí kò dá yín lójú nítorí kí ìfilọ̀ lè pé. Bí ẹ bá tún un sún lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀pọ̀ ni kò ní gbẹ́kẹ̀ lé ìfilọ̀ kẹta.

Ẹ ṣọ́ra fún “a sún un síwájú” nígbà tó bá dá dúró. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé ó túmọ̀ sí pé ó di ọjọ́ mìíràn lẹ́yìn èyí tí a dá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ọjọ́ náà ti sún mọ́ tòsí. Bákan náà ni “òní ọjọ́ mẹ́jọ”. Àgbà tó bá kà á ní ọjọ́ Sátidé yóò ka òní mọ́ ọn, yóò sì dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́ tó fi mẹ́jọ kún òní yóò dé ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ nínú oṣù pa pọ̀. Bí ọ̀kan bá ṣì yín lọ́wọ́, ẹni tó ń kà á yóò rí i pé méjèèjì kò bára mu, yóò sì béèrè.

Ìbéèrè: Àwọn kan búra pé ìfilọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a tẹ̀ ẹ́ sí gbogbo wọn lórí WhatsApp.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Bó bá jẹ́ Broadcast list ni ẹ lò, ẹni tó ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ náà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀, tí òun kò ní tiyín, kò ní rí nǹkan kan, WhatsApp kò sì ní sọ fún yín. Ẹ wo àmì abẹ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àmì ẹyọ kan fi hàn pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ yín ṣùgbọ́n kò tíì dé. Méjì fi hàn pé ó ti dé, bí wọ́n bá sì di aláwọ̀ búlúù, ẹni náà ti ṣí i. Àwọn kan ti pa àmì búlúù yìí lórí fóònù wọn, ìdí sì nìyí tí mo fi ní kí wọ́n fi “Mo ti rí i” dáhùn.

Àwọn tí kò bá dáhùn láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́ sí wọn. Ohun kan wà níbí tó kan àwa tí a ń kọ Yorùbá. Ojú ìwé àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà àti àmì 160, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà ẹ, ọ tàbí ṣ ẹyọ kan péré bá wọ inú rẹ̀, kò ní gbà ju 70 lọ. Ìfilọ̀ yín yóò di ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, ẹ sì lè san owó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni láti yọ àmì kúrò lára èdè wa, ṣùgbọ́n fún èyí nìkan, n ó yọ wọ́n:

```
AYIPADA IBUDO: Gbongan ile ikawe (Opopona Keji no 18) ni a o ti se idanileko Satide 14/3, aago 10 aaro. Ojo ati aago ko yi pada. E foriji wa.
```

Èyí kò ju nǹkan bí 140 lọ, ó sì wọ ojú ìwé kan.

Ẹni tí kò bá tún dáhùn, ẹ pè é. Àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí wọ́n tó gbéra, lẹ́yìn náà àwọn tó ní iṣẹ́ láti ṣe níbi ètò. Ẹ tún ṣe àwòrán ìwé ìpè náà ní àwọ̀ mìíràn, nítorí ti àkọ́kọ́ ṣì wà lórí fóònù àwọn ènìyàn, wọn yóò sì máa fi í ránṣẹ́ sí ara wọn títí di àárọ̀ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹnì kan tàbí méjì yóò ṣì lọ sí gbọ̀ngàn àtijọ́. Ẹ lẹ ìwé ńlá mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti aago 9:15 títí di aago 11. Kí ẹni náà mọ ọ̀nà dé ilé ìkàwé lórí, kí fóònù rẹ̀ sì ní iná dáadáa.