Kí Ọ́dà Má Sọnù Lọ́nà Kíṣìnì: Mẹ́nù Búkà Yín Lórí Wásáàpù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní búkà l'Ógbòmọ̀ṣọ́ la kọ èyí fún, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Under G àti Tákíé táwọn ọmọ LAUTECH máa ń pè látàárọ̀ ṣúlẹ̀ pé "Màmá, àmàlà ṣì kù?" A fẹ́ ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe máa gbé mẹ́nù yín sórí fóònù, bẹ́ ẹ ṣe máa kọ àkókò tẹ́ ẹ ń ṣí, báwọn èèyàn ṣe máa ra oúnjẹ níbẹ̀, àti bí ohun tí wọ́n rà ṣe máa dé etí ẹni tó ń bu oúnjẹ. Ká sòótọ́, mẹ́nù ò le rárá, ọmọ yín tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì á ṣe é tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àárín fóònù níta àti ìdí ìkòkò ni nǹkan ti máa ń bà jẹ́, ibẹ̀ la máa pẹ́ sí jù.

Mẹ́nù

Ẹ wá WhatsApp Business lórí Play Store, ọ̀fẹ́ ni, ó sì yàtọ̀ sí Wásáàpù tẹ́ ẹ fi ń kí mọ̀lẹ́bí. Ẹ ra síìmù tuntun fún un, torí bó bá jẹ́ nọ́ńbà Màmá fúnra wọn lẹ lò, ọ́dà àti ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò á jọ máa wọlé síbì kan náà ni, ẹ̀ẹ́ sì wá a tì. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i tán, ẹ lọ sí Business tools, ẹ tẹ Catalog, kẹ́ ẹ máa fi oúnjẹ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò, orúkọ, iye owó àti àlàyé díẹ̀. Wásáàpù máa ń yẹ fọ́tò wò kó tó jẹ́ káwọn èèyàn rí i, nítorí náà ẹ ṣe é sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti ronú dáadáa ni bẹ́ ẹ ṣe máa pín oúnjẹ. Kátálọ́ọ̀gì yìí ò ní ibi tó ti máa bi kọ́sítọ́mà pé ṣé gbẹ̀gìrì nìkan lo fẹ́ àbí àbùlà, ohun tó wà níbẹ̀ ló lè mú. Tẹ́ ẹ bá kọ "Àmàlà" lásán, ẹ̀ẹ́ máa bi olúkúlùkù wọn ní ọbẹ̀ tó fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, nígbà tí èèyàn sì pọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó sàn kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní mẹ́ta: àmàlà àti àbùlà, àmàlà àti ewédú nìkan, àmàlà àti gbẹ̀gìrì nìkan. Ẹran, pọ̀nmọ́, ṣàkì àti ẹja á wá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ike tékáwèé náà á dúró lọ́tọ̀ pẹ̀lú owó tiẹ̀. Fọ́tò tẹ́ ẹ máa yà, ẹ yà á nínú ike tẹ́ ẹ máa fi gbé e, kì í ṣe nínú àwo tánganran tẹ́ ẹ yá nílé ìyàwó, kẹ́ni tó san owó ṣíbí kan má bàa máa retí òkìtì.

Nǹkan kan tún wà o. Kátálọ́ọ̀gì ò mọ ohun tó kù nínú ìkòkò. Ṣàkì lè ti tán láago méjì ọ̀sán, àwọn èèyàn á ṣì máa rà á títí dalẹ́. Tí nǹkan bá ti tán, kẹ́ni tó wà nídìí fóònù ṣí i kó tẹ Hide item, tí wọ́n bá sì tún sè é lọ́la kó ṣí i padà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yan iṣẹ́ yìí fún, nígbà tó bá jẹ́ iṣẹ́ gbogbo wa, kò sẹ́ni tó máa ṣe é.

Àkókò tẹ́ ẹ ń ṣí

Àkókò tílẹ̀kùn ń ṣí àti àkókò tẹ́ ẹ ń gba ọ́dà kì í ṣe nǹkan kan náà. Àwa tá à ń jẹ̀kà ká tó mùkọ yangan, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti ṣílẹ̀kùn láago méje àárọ̀, ṣùgbọ́n wákàtí àkọ́kọ́ yẹn, àwọn tó jókòó níwájú yín gan-an ẹ ò tíì rí ti wọn rò. Ẹ jẹ́ kí ọ́dà orí fóònù bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ. Lálẹ́ náà, tílẹ̀kùn bá ń tì láago mẹ́jọ, ẹ dá ọ́dà dúró láago méje, torí ẹni tó bá ra oúnjẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ á fẹ́ kẹ́ ẹ ro àmàlà tuntun fún òun nìkan, ọlọ́kadà tẹ́ ẹ sì ń rán ti lè lọ sílé.

Àkókò ọ́dà lẹ máa kọ sínú Business hours, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé àkókò tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yìí kàn ń sọ fún èèyàn ni, kò dá ẹnikẹ́ni dúró, èèyàn ṣì lè fi ọ́dà ránṣẹ́ láago méjì òru. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ṣí Away message, kẹ́ ẹ yan Outside of business hours, kẹ́ ẹ wá kọ nǹkan bí "Ẹ ṣeun, a ti pa iná o. Láti aago 8 àárọ̀ la tún máa gba ọ́dà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má yọ ọ́. Fóònù náà gbọ́dọ̀ wà lórí dátà kí mẹ́sẹ́jì yẹn tó lè lọ, tẹ́ ẹ bá ti pa dátà kẹ́ ẹ tó sùn, kò sóhun tó máa dá wọn lóhùn.

Látọ̀dọ̀ kọ́sítọ́mà dé ìdí ìkòkò

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀ lé e. Ọmọ iléèwé kan ní Under G mú àmàlà àti àbùlà ṣíbí mẹ́ta, ẹran méjì, pọ̀nmọ́ kan, ike kan. Ká ní ṣíbí kan jẹ́ 300 náírà, ẹran 500, pọ̀nmọ́ 300, ike 200. Oúnjẹ jẹ́ 2,400, owó ọkadà 500, gbogbo ẹ̀ 2,900. Nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, ó máa wọlé sórí fóònù yín bíi mẹ́sẹ́jì kan, ṣùgbọ́n kò tíì sanwó o, owó ọkadà ò sì sí nínú iye tó rí níbẹ̀. Ẹni tó wà nídìí fóònù níta á kọ 2,900 ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì (ẹ kọ èyí sílẹ̀ nínú Quick replies, kẹ́ ẹ má bàa máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́). Tó bá ní òun ti san, ẹ má wo fọ́tò rìsíìtì tó fi ránṣẹ́, ẹ má wo mẹ́sẹ́jì àlẹ́ẹ̀tì náà, ẹ ṣí áàpù báńkì yín kẹ́ ẹ wo bálánsì. Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀ nígboro.

Ó ti san báyìí. Báwo ni kíṣìnì ṣe máa gbọ́? Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ so fóònù kíṣìnì mọ́ nọ́ńbà búkà nínú Linked devices, kí gbogbo ẹ̀ máa wọlé síbi méjèèjì. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, àmọ́ mi ò gbà yín níyànjú ẹ̀. Gbogbo ìdúnàádúrà kọ́sítọ́mà ni kíṣìnì á máa gbọ́, àwọn tí ò tíì sanwó náà á wà níbẹ̀, èyí tó wá burú jù ni pé bí ẹni tó wà níta bá ti ka mẹ́sẹ́jì kan, á dà bí èyí tí wọ́n ti kà lórí fóònù kíṣìnì náà, wọn ò ní mọ̀ pé nǹkan wọlé.

Èyí tó dáa jù ni kí kíṣìnì ní fóònù kékeré tiẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tiẹ̀, ọ́dà tẹ́ ẹ ti rí owó ẹ̀ nìkan ló máa wọ ibẹ̀. Ẹ má dá gúrúùpù sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ fóònù sí fóònù. Ẹni tó wà níta á kọ ọ́ ní ṣókí:

```
14. Àbùlà 3, ẹran 2, pọ̀nmọ́ 1. Ike. Under G. 1:10
```

14 yẹn ni nọ́ńbà ọ́dà náà lọ́jọ́ yẹn, 1:10 ni àkókò tó wọlé. Kíṣìnì á dáhùn pé "14 wọlé". Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ tó sọ fún kọ́sítọ́mà pé oúnjẹ ẹ̀ ń bọ̀, kẹ́ ẹ má sọ ọ́ ṣáájú. Tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí kíṣìnì ò dáhùn, kẹ́ni tó wà níta dìde kó wọlé lọ bá wọn.

Ta ló máa mú fóònù kíṣìnì dání? Kì í ṣe ẹni tó ń rokà, ọwọ́ ẹ̀ ò dilẹ̀, ọ̀pá ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bu oúnjẹ ni. Ẹ gbé fóònù náà sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ fi kọ́ ara ògiri níbi tí èéfín àti ooru gbẹ̀gìrì ò ti lè dé, pẹ̀lú ṣájà lára ẹ̀. Ẹ yan ohùn tó gùn fún nọ́ńbà búkà yẹn nìkan, torí "tíńrín" kékeré tí Wásáàpù ń ké, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń hó lẹ́yìnkùlé.

Tí kíṣìnì bá ní àwọn ò gbọ́

Ẹ má tíì bínú sí wọn, ẹ wo àmì tó wà lábẹ́ mẹ́sẹ́jì náà. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, kò tíì dé fóònù kíṣìnì rárá: dátà ti tán, tàbí fóònù ti kú. Tó bá jẹ́ méjì tó rí eérú, ó ti dé, wọn ò tíì wò ó ni, ohùn ẹ̀ lẹ máa yẹ̀ wò. Tó bá ti di búlúù, wọ́n ti rí i, ọ̀rọ̀ yẹn wá di ti èèyàn. Ìdí tá a fi ní kẹ́ ẹ má lo gúrúùpù nìyẹn, torí nínú gúrúùpù, àmì kejì ò ní jáde àyàfi tó bá ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Wàhálà kan wà tó máa ń rúni lójú. Kíṣìnì ò gbọ́ nǹkan kan fún bí ogún ìṣẹ́jú, bí ẹnì kan ṣe wá ṣí fóònù báyìí ni ọ́dà mẹ́rin rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ni kẹ́ ẹ bú o, fóònù ló sùn. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú máa ń ti áàpù mọ́lé kí bátìrì má bàa tètè tán. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Apps, ẹ wá Wásáàpù níbẹ̀, ẹ tẹ Battery, kẹ́ ẹ yan Unrestricted (àwọn fóònù kan kọ ọ́ sí No restrictions). Ẹ wò ó bóyá Data saver wà ní títàn, kẹ́ ẹ pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ́ fóònù náà sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án fún bí wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá fi ọ́dà ránṣẹ́ sí i látìta. Tó bá ké lójú ẹsẹ̀, ó ti dáa.

Kó tó di pé ẹ pín líǹkì

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín kan ra oúnjẹ lóòótọ́, kó sanwó, kí ọlọ́kadà gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tó bá ti lọ geere, ẹ lè wá pín líǹkì. Ẹ yọ òdo tó wà níwájú nọ́ńbà yín, ẹ fi 234 rọ́pò ẹ̀, ẹ má fi àmì ìròpọ̀ sí i:

```
https://wa.me/c/2348XXXXXXXXX
```

Kátálọ́ọ̀gì ni èyí máa ṣí tààrà. Ẹ fi sí sítátọ́ọ̀sì, ẹ sì fi sójú ewé búkà yín lórí Gúgù tẹ́ ẹ bá ní. Àkókò tó wà lórí Gúgù ò tẹ̀ lé ti Wásáàpù o, tẹ́ ẹ bá yí ọ̀kan, ẹ lọ yí èkejì náà. Tí Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀ tẹ́ ẹ ò ní ṣí, Gúgù ní Special hours tẹ́ ẹ lè fi kọ ọjọ́ náà nìkan sílẹ̀ ṣáájú. Ní Wásáàpù, ẹ yí Away message sí Always send kó tó di ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún máa dáná.