Bí mo ṣe ń san owó oṣù fún ara mi nídìí ọkọ̀

Láti Lágere ni mo ti ń kó èrò lọ sí ẹnu géètì OAU, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá ń gbé Ilé-Ifẹ̀ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nílé ìwé, èrò á máa du ọkọ̀. Tí wọ́n bá gba ọlidé, mo lè jókòó sídìí ọkọ̀ fún wákàtí kan kí èrò tó pé. Lọ́dún 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ ifásitì yanṣẹ́ lódì láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá, a ta fíríìjì wa ká tó rí owó ilé ìwé àwọn ọmọ san. Ọ̀rọ̀ fíríìjì yẹn dùn mí gan-an, nítorí mo mọ̀ pé owó gidi ti wọlé lóṣù tó ṣáájú, mi ò kàn lè sọ ibi tó gbà lọ.

Ní oṣù Kìíní ọdún tó kọjá, mo ra jótà kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ owó sílẹ̀ lálaalẹ́ kí n tó wẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yé mi ni pé owó tó wà lọ́wọ́ mi lálẹ́ kì í ṣe tèmi tán. Ẹ wo ọjọ́ kan tó dáa: mo gba 24,500 náírà lọ́wọ́ èrò. Epo bẹntiróòlù kó 11,500 lọ, tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì sì kó 1,200. Mo tún yọ 2,500 sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn tàyà, ọ́ìlì, bíréèkì àti mẹkáníìkì. Ó ku 9,300. Èyí nìkan ni mo kọ sí abẹ́ "tèmi". Kí n tó ní jótà, gbogbo 24,500 yẹn ni mo máa ń rò pé mo pa, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tí tàyà bá bẹ́, owó oúnjẹ ni mo fi ń ra òmíràn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ohun tó jẹ́ tèmi lóṣooṣù rèé: 146,000, 171,000, 128,000, 98,000, 163,000, 184,000. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi mẹ́fà pín in, ó fún mi ní bíi 148,000. Mo sọ fún ìyàwó mi pé iye tí a ó máa ná lóṣù nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Oṣù Keje ni mo bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé, 102,000 péré ni mo rí. Mo yá 46,000 kí ó lè pé. Oṣù Kẹjọ, 96,000 ni. Èmi tí mo ń ṣètò owó wá di onígbèsè.

Ìyàwó mi ló rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ó ní, "Bàbá Dárà, iye tí ẹ fi pín yẹn, inú oṣù tó dáa ló ti wá, ẹ ò sì tíì rí oṣù tó dáa kankan tọ́jú." Òótọ́ ni. Owó tí a fi pín báyìí máa ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ti ní nǹkan nípamọ́ tí á fi dí ihò oṣù tó gbẹ. Èmi ò ní kọ́bọ̀. Nítorí náà, oṣù tó gbẹ jù nínú jótà ló yẹ kó jẹ́ òṣùwọ̀n mi: 96,000.

A jókòó ti ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Oúnjẹ ń gba 57,000, ilé ìwé 14,000, owó ìyá mi 8,000. Owó ilé jẹ́ 120,000 lọ́dún, nítorí náà a ní láti máa yọ 10,000 lóṣù. Iná, káàdì fóònù àti owó tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 15,000. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 104,000, ó fi 8,000 ju òṣùwọ̀n wa lọ. A yọ owó tẹlifíṣọ̀n, 5,000. Ìyàwó mi sì ní tí a bá yé ra gàrí àti ẹ̀wà ní kóńgò-kóńgò, tí a ń ra ìdajì àpò ní ọjà Odò-Ògbè, 3,000 á jáde nínú owó oúnjẹ. Ó sì jáde lóòótọ́. Owó ìyá mi ni mo kọ̀ pé a ò ní fọwọ́ kàn.

Oṣù Kẹwàá ni mo tún un bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilé ìwé ti wọlé. 96,000 ni mo ń san fún ilé, iyekíye tí ìbáà wọlé. Èyí tó bá lé, a pè é ní àpò ọ̀dá. Kí ọwọ́ mi má baà máa tó o lójoojúmọ́, alájọ ló ń bá mi gbà á ní gáréèjì. Ó ń yọ owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, n kò sì bínú sí i. Àmọ́ mi ò jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí oṣù bá ti parí, mo ń gbé e lọ sí báńkì, sínú àkáǹtì tí mi ò gba káàdì fún. Owó ọkọ̀ wà nínú àkáǹtì mìíràn, mi ò da àwọn méjèèjì pọ̀ rí.

Oṣù Kẹwàá, tí gbogbo owó tèmi jẹ́ 158,000, 62,000 bọ́ sínú àpò ọ̀dá. Oṣù Kọkànlá fi 53,000 kún un, oṣù Kejìlá fi 25,000, oṣù Kìíní fi 41,000. Ó di 181,000. Ní oṣù Kejì, ẹ́ńjìnnì dá iṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ọjọ́ mẹ́jọ. Owó ọkọ̀ ló san àtúnṣe. Àmọ́ 71,000 péré ni mo pa lóṣù náà, nítorí náà mo mú 25,000 nínú àpò ọ̀dá kí owó ilé lè pé 96,000. Mi ò mú náírà kan lé e.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó yẹ kí n wá sọ òṣùwọ̀n di 71,000. Mo rò ó wò, mo fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé èrò wọ́n ni, ọkọ̀ ló bàjẹ́, irú ẹ̀ gan-an ni a ṣe dá àpò ọ̀dá sílẹ̀ fún. Tó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta tẹ̀léra wọn ni mo ń mú owó nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ̀ bàjẹ́, ìgbà yẹn ni mo máa mọ̀ pé 96,000 ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ mi. Bákan náà, oṣù kan tó dáa kò lè mú mi fi kún un. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò, oṣù tó gbẹ jù nínú wọn ni mo ń wò.

192,000 ni mo fẹ́ kí àpò ọ̀dá pé, ìyẹn owó ilé oṣù méjì. Ẹnìkan ní gáréèjì ní oṣù méjì kéré. Àmọ́ ọkọ̀ á ṣì máa pa díẹ̀, iye tó bá dín nìkan ni a máa fi àpò ọ̀dá dí. Tí mo bá ń pa 66,000 lóṣù, 30,000 ni màá máa mú, 192,000 á sì gbé wa dé oṣù mẹ́fà. Ìyanṣẹ́lódì irú ti 2022 á ṣì jù ú lọ, nítorí náà tí ó bá ti pé oṣù méjì tí ilé ìwé kò ṣí, màá máa gbé ọkọ̀ lọ Òṣogbo tàbí Iléṣà kó tó di pé owó náà tán.

Oṣù Kẹta fi 32,000 kún àpò náà. Ní báyìí 188,000 ló wà níbẹ̀. Lálẹ́ àná mo kọ 8,700 sí abẹ́ "tèmi", ìyàwó mi wo ojú ìwé náà, ó ní, "Ó ku 4,000."