Kí ẹ tó yọ àpẹẹrẹ kúrò nínú àkékúrú

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá ń ké àyọkà kúrú, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ bo àpẹẹrẹ kan: ṣé òǹkàwé ṣì máa gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́? Ká ní àyọkà sọ pé pàǹtírí tó dí odò Ògùnpa ló ń fa omíyalé n'Ìbàdàn, kì í ṣe òjò nìkan. Tó bá to orúkọ àdúgbò mẹ́fà tí omi ti ya, àwọn orúkọ náà lè lọ. "Àwọn àdúgbò etí odò" ti tó. Ṣùgbọ́n tó bá ní òjò kan náà rọ̀ níbi tí wọ́n ti kó pàǹtírí kúrò, tí omi ò sì ya, ẹ̀rí nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀, kó má ju gbólóhùn kan lọ. Ẹ má sì yọ "nìkan" yẹn o! Láìsí i, ẹ ti ní òǹkọ̀wé sọ pé òjò ò lọ́wọ́ sí i rárá.