Ọ̀fun tó ń dunni láàárọ̀ ọyẹ́: imú ni mo kọ́kọ́ tọ́jú

Lásìkò ọyẹ́, ọ̀fun mi kì í dùn mí lálẹ́. Ìgbà tí mo bá jí ló máa ń rí bí ẹni pé yanrìn wà níbẹ̀, tí itọ́ àkọ́kọ́ á ṣòro láti gbé mì. Ohun tó fà á ni pé ẹnu ni mo fi ń mí lójú oorun.

Imú ló ń mú afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ọ́rọ́, tó ń fún un ní ọ̀rinrin, tó sì ń gba eruku dúró kí ó tó dé ọ̀fun. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà gbẹ, eruku rẹ̀ sì kúnná bí ìyẹ̀fun, nítorí náà ikun imú á gbẹ, á sì lẹ̀ mọ́ inú. Tí a bá wá dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i nínú ẹran imú, á wú díẹ̀, imú á dí, ẹnu á sì là. Bẹ́ẹ̀ itọ́ tó ń rin ọ̀fun ti dín kù gan-an lójú oorun. Ẹni tí ètè àti ahọ́n rẹ̀ gbẹ táútáú nígbà tó jí, ẹnu ló fi mí mọ́jú.

Nítorí náà, kí n tó sùn, imú ni mo máa ń fọ̀. Mo se omi kí ó hó dáadáa, mo jẹ́ kó tutù títí tó fi lọ́wọ́ọ́rọ́, mo wá po ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ mílílítà 250. Tí mo bá tọ́ ọ wò, iyọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ti omijé lọ. Omi lásán á ta imú. Iyọ̀ àpọ̀jù náà á ta á. Omi tí a kò sè kò gbọ́dọ̀ wọ imú rárá.

Síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni mo fi ń fa omi náà. Mo tẹ̀ba sórí básíà, mo yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ya ẹnu, mo sì rọra tì í sí ihò imú tòkè kó lè gba ti ìsàlẹ̀ jáde. Tí a bá gbé orí sẹ́yìn, ọ̀fun ni omi á gbà. Lẹ́yìn náà mo fun imú jẹ́jẹ́, nítorí pé fífun ún tagbáratagbára lè ti omi dé etí.

Mo fi aṣọ ìnura tútù kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo sì yí fáànù kúrò lójú mi. Aṣọ tútù ni mo fi ń nu ilẹ̀ yàrá, nítorí ìgbálẹ̀ ń gbé eruku sókè ni.

Tí mo bá jí, mo mu omi díẹ̀díẹ̀, mo tún fi omi oníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣan ọ̀fun, mo sì tu ú dànù. Ọ̀fun tó kàn gbẹ á rọlẹ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì. Èyí tó ṣì ń dunni títí di ọ̀sán, tí ara gbóná, tí kókó wú lọ́rùn tàbí tí funfun hàn lọ́fun, kì í ṣe ọyẹ́ nìkan. Ilé ìwòsàn ló kàn, pàápàá fún ọmọdé.