Bí mo ṣe to orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí mi ránṣẹ́, pẹ̀lú gbólóhùn kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan

Iṣẹ́ alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí ni mo kọ̀wé fún. Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ní kí n fi orúkọ ẹni mẹ́ta tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ mi ránṣẹ́. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn, kí n sì kọ gbólóhùn kan nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àti nọ́ńbà kì í ṣe wàhálà. Inú gbólóhùn yẹn ni iṣẹ́ wà, torí òun ni ẹni tó fẹ́ pe ẹlẹ́rìí máa kà kó tó mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi í.

Kí n tó ronú kan ẹnikẹ́ni, ìkéde iṣẹ́ náà ni mo kọ́kọ́ tún kà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n tẹnu mọ́ níbẹ̀: kí ẹrù tó wà nílẹ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé mu, kí èèyàn lè darí òṣìṣẹ́ nígbà tí ẹrù bá pọ̀, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn tó ń kó ẹrù wá lò. Mo wá ẹlẹ́rìí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi tó gbẹ̀yìn ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹrù kíkà. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó ṣáájú rí mi nígbà tí mo ń darí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ẹnì kẹta ni aṣojú ilé iṣẹ́ kan tó máa ń kó ẹrù wá fún wa. Bí ọ̀gá mẹ́ta bá jẹ́rìí sí ohun kan ṣoṣo, ẹ̀rí kan náà ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹbí kò sì sí nínú rẹ̀ rárá, bó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó.

Lẹ́yìn náà ni mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì pé òun ni ẹlẹ́rìí èèyàn. Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́ sí ọ̀gá mi tó ṣáájú:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo kọ̀wé fún iṣẹ́ alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì ní kí n mú ẹlẹ́rìí wá. Ṣé ẹ lè bá mi jẹ́rìí sí bí mo ṣe darí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́? Bó bá rọ̀ yín lọ́rùn sà, ẹ jọ̀wọ́, ipò wo lẹ wà báyìí, ímeèlì wo ni kí wọ́n fi kàn sí yín, ìgbà wo ló sì dára jù láti pè yín?"

Ẹ wò ó pé mo dárúkọ ohun tí mo fẹ́ kó jẹ́rìí sí. Ẹni tí wọ́n bá kàn ní kó jẹ́rìí sí ìwà, "ọmọ dáadáa ni" ló máa sọ, ìyẹn ò sì gbéni débì kankan. Bí ìdáhùn bá falẹ̀ tàbí tó tutù, ẹlòmíràn ni kí ẹ wá. Ẹlẹ́rìí tó ń lọ́ tìkọ̀ máa ń ṣàkóbá ju kéèyàn má ní ẹlẹ́rìí lọ.

Ìdáhùn ọ̀gá yìí tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun kan. Ó ti fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí náà ímeèlì ibẹ̀ tí mo ní lọ́wọ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Òfin ilé iṣẹ́ náà sì ni pé ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan ló lè fìdí ọjọ́ àti ipò èèyàn múlẹ̀, wọn kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ní irú òfin yìí. Bí ẹni tó ń yẹ̀ ọ́ wò kò bá mọ̀, ó lè rò pé ńṣe ni wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́. Mo jẹ́ kó hàn nínú gbólóhùn rẹ̀.

Òdiwọ̀n tí mo fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni pé kó sọ ohun mẹ́ta: kí lẹni náà jẹ́ sí mi, láti ìgbà wo sí ìgbà wo, kí ló sì fojú ara rẹ̀ rí. Ìyìn kò sí níbẹ̀, torí ẹlẹ́rìí ló ni ìyẹn láti sọ. "Ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀, ó mọ̀ mí dáadáa" kò sọ nǹkan kan. Èyí ni mo kọ nípa ọ̀gá tó gbẹ̀yìn:

"Òun ni mo ń jábọ̀ fún tààrà láti oṣù kẹta 2021 sí oṣù kẹfà 2024, òun ló ń yẹ ìwé ẹrù kíkà mi wò lóṣooṣù."

Ti ọ̀gá tó ṣáájú gùn díẹ̀:

"Ọ̀gá mi láti oṣù kìíní 2018 sí oṣù kejì 2021, nígbà tí mo ń darí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́. Ó ti kúrò níbẹ̀, nítorí náà ímeèlì tirẹ̀ ló wà níbí. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà lè fìdí ọjọ́ àti ipò mi múlẹ̀, òfin wọn kò jẹ́ kí wọ́n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ti aṣojú náà ṣe ṣókí:

"Òun ló ń mú ẹrù ilé iṣẹ́ wọn wá fún wa láti 2022 sí 2024, èmi ló máa ń bá yanjú ẹrù tó bá dín tàbí tó bá bàjẹ́."

Kí gbólóhùn wọ̀nyí tó kúrò lọ́wọ́ mi, mo gbé ọjọ́ inú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ mi. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń yẹni wò kọ́kọ́ máa ń wò. Bí ìwé kan bá ní oṣù kẹta, tí èkejì ní oṣù karùn-ún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí oṣù méjì wọlé sí. Orúkọ ẹni tó ń wá iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tún lè dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé orúkọ báyìí ni ẹlẹ́rìí fi mọ òun, kí ẹlẹ́rìí má baà sọ lórí fóònù pé òun ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ kò sì tíì mọ̀ pé ó ń wá iṣẹ́ míì, kó kọ ọ́ gbangba sábẹ́ orúkọ ọ̀gá náà pé kí wọ́n má kàn sí i títí wọ́n á fi gbà láti fún òun níṣẹ́.

Ojú ìwé kan ni gbogbo rẹ̀ gbà. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ipò, ilé iṣẹ́, ímeèlì, nọ́ńbà fóònù pẹ̀lú àmì orílẹ̀-èdè níwájú rẹ̀, àsìkò tó dára láti pè, kí gbólóhùn náà tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá tó gbẹ̀yìn ló ṣíwájú, torí òun ni wọ́n dárúkọ. Mo sọ ọ́ di PDF, mo fi orúkọ mi àti iṣẹ́ náà ṣe orúkọ fáìlì àti àkọlé ímeèlì. N kò fi ẹ̀dà ímeèlì náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹ́rìí, torí kò yẹ kí ẹnì kan rí nọ́ńbà ẹnì kejì láìgbàṣẹ.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kọ̀wé sí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: orúkọ ilé iṣẹ́ tó máa kàn sí wọn, ìkéde iṣẹ́ náà, ìwé ìtàn iṣẹ́ mi, àti gbólóhùn tí mo kọ nípa wọn. Mo sọ fún wọn pé ó lè jẹ́ fọ́ọ̀mù orí ẹ̀rọ ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ dípò ìpè. Irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń já sínú Spam, líǹkì inú rẹ̀ sì lè kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí líǹkì bá ti kú, ilé iṣẹ́ tó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ ló lè tún un fi ránṣẹ́, nítorí náà àwọn ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe ẹlẹ́rìí.